Bọ́jẹ́ẹ̀tì wà, owó ṣì lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo AWS ọ̀fẹ́

Mo ti ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, ímeèlì kankan ò wọlé.

Wo inú spam. Tó bá jẹ́ SNS, ìyẹn iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ AWS, lo gbà, tí ó ṣì ń kọ "Pending confirmation", lọ tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ.

Mi ò rí ojú ìwé Billing.

Fi root, ìyẹn user àkọ́kọ́ tó ni ákáńtì náà, wọlé, lọ sí Account, kí o ṣí "IAM user and role access to Billing information". Lẹ́yìn náà, fún user rẹ ní àṣẹ láti wò ó.

Mo fi $1 sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí iṣẹ́ ò dúró?

Agogo ni bọ́jẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìjánu. Agogo náà sì máa ń pẹ́: wákàtí 8 sí 12 ló sábà máa ń wà láàárín ìgbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe sí iye tó ń kà. Budget actions lè dá EC2 tí o bá yàn dúró, àmọ́ kò lè pa NAT Gateway, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni rẹ ń gbà jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Zero spend budget mi, èyí tó yẹ kó kìlọ̀ gbàrà tí owó bá ti ń jáde, dákẹ́ ju oṣù méjì lọ, àfi bí wọ́n ṣe yọ owó ní káàdì mi.

Èyí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní bọ́jẹ́ẹ̀tì bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí kírẹ́díìtì bá ti san owó ló ń kà.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lórí Paid plan, níbi tí wọ́n ti lè yọ owó ní káàdì, tó sì ní kírẹ́díìtì $100. Ó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ kan, ó dá NAT Gateway sílẹ̀ ní us-east-1, ó sì gbàgbé rẹ̀. $0.045 ni wákàtí kan, àdírẹ́sì IPv4 tó so mọ́ ọn jẹ́ $0.005. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $1.20 lójúmọ́, bí dátà kankan ò tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Kírẹ́díìtì ń san án, bọ́jẹ́ẹ̀tì ń rí $0, ó sì dákẹ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ 83, kírẹ́díìtì tán. Ìgbà yẹn ni ìkìlọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, owó sì ti ń já lé káàdì.

Torí náà, ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì kejì. Ní Budgets, tẹ Create budget, yan "Customize (advanced)", lẹ́yìn náà Cost budget. Fi sí Monthly, $5. Lábẹ́ Budget scope, ṣí Advanced options, kí o yọ Credits àti Refunds kúrò nínú ohun tó ń kà. Ibí yìí gan-an ni gbogbo èèyàn ń fò. Fi ìkìlọ̀ sí 20%, kí o yan Actual. Má gbára lé Forecasted lórí ákáńtì tuntun, nítorí ó nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lè sọ tẹ́lẹ̀. NAT Gateway yẹn ì bá ti kọjá $1 kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú tán, ímeèlì ì bá sì ti dé kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti pa NAT Gateway, owó kékeré ṣì ń lọ.

Elastic IP rẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì IPv4 tó so mọ́ ọn, kì í bá a lọ. Tẹ "Release Elastic IP addresses" fúnra rẹ. Tí o kò bá rí i, Region míì lo wà: ṣí Bills, wo "Charges by service", á sọ Region tó wà fún ọ.

Wọ́n ti yọ owó ná.

Kọ́kọ́ pa ohun tó ń jẹ owó náà, kí o tó fi ìbéèrè "Account and billing" ránṣẹ́ ní Support Center. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ orúkọ ohun náà, Region rẹ̀ àti ọjọ́ tí o pa á. Wọ́n lè dá owó padà, wọn ò sì jẹ ọ́ ní gbèsè rẹ̀.