A sún ètò síwájú, ìkéde wa ò gbọ́: bí mo ṣe tún un ṣe

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2025, ìkéde "Ọ̀la ni o!" jáde lórí Telegram wa, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 9 la ti sún eré ẹgbẹ́ akọrin wa síwájú sí ọjọ́ 28. Áàpù tí mo fi ń to ìkéde sílẹ̀ kò mọ ọjọ́ ètò. Déètì tí mo tẹ̀ sí ìkéde kọ̀ọ̀kan nìkan ló mọ̀. Mẹ́fà ni mo tò sínú rẹ̀. Mo yí márùn-ún, ìkẹfà bọ́ mọ́ mi lójú. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti tì pa. Màmá kan nínú wọn pè mí: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ní ká wá lónìí?" Mo bẹ̀ wọ́n títí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ wọn ti lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo bá pinnu pé mi ò ní tẹ déètì sí ìkéde kankan mọ́. Ibì kan ṣoṣo ni ọjọ́ ètò máa wà, kí ìkéde yòókù máa ka ọjọ́ tiwọn láti ibẹ̀. Mo ṣí Google Sheets, mo fi ọjọ́ ètò sí E1. Òpó A ni iye ọjọ́ tó kù: 7, 3, 1, 0. Òpó B ni ọjọ́ tí ìkéde máa jáde, fọ́múlà yìí ló ń ṣírò rẹ̀:

```
=$E$1-A2
```

Òpó C ni ọ̀rọ̀ ìkéde, òpó D sì ni àmì pé ó ti lọ. Kóòdù kékeré kan nínú Apps Script máa ń wo òpó B láràárọ̀, á sì fi èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pé ránṣẹ́ sí Telegram. Ṣíṣe bọ́ọ̀tì àti títo Trigger kò le, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Nígbà tí mo yí E1 tí gbogbo òpó B sún lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn gan-an.

Oṣù Kẹsàn-án ló já mi kulẹ̀. Ọjọ́ 20 la fi ètò kejì sí. "Ó ku ọjọ́ 7" jáde ní ọjọ́ 13 bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 15, a sún ètò sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Mo yí E1, òpó B fi ọjọ́ 27 hàn. Ọjọ́ 27 pé, kò sí ìkéde kankan títí di ọ̀sán.

Mo wo Executions: Completed ló kọ síbẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan. Mo tún fọ́múlà wò, ó pé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bọ́ọ̀tì rẹ́ kí n ṣe òmíràn. Òpó D ni mi ò wò. "Ó ti lọ" tí kóòdù kọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 13 ṣì wà níbẹ̀, kóòdù sì gbà pé iṣẹ́ ìlà náà ti parí. Òótọ́ ni pé ó ti lọ, àmọ́ ọjọ́ ètò àtijọ́ ló lọ fún. Mo fọwọ́ ara mi fi ti ọjọ́ náà ránṣẹ́, inú sì ń bí mi.

Mo wá ní kí àmì náà jẹ́ ọjọ́ ètò tí ìkéde lọ fún. Bí ètò bá sún, àmì àtijọ́ kò ní bá E1 mu mọ́, ìlà náà á sì ṣeé fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i:

```
if (ojo === oni && ami !== eto) {
  firanse(oro);
  sheet.getRange(i, 4).setValue(eto);
}
```

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, "Ó ku ọjọ́ 3" jáde láàárọ̀. Mo tẹ Run láti rí i dájú pé kò ní lọ mọ́, ó tún lọ! Òpó D fi 2025-10-04 hàn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n Sheets ti sọ ọ̀rọ̀ tí kóòdù kọ di déètì gidi, nítorí náà nígbà tí kóòdù tún kà á, kò bá ọ̀rọ̀ tó wà nínú `eto` dọ́gba. Mo sọ òpó D di Plain text nínú Format, mo pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ. Láti ìgbà náà, ìlà kan kì í lọ lẹ́ẹ̀mejì fún ọjọ́ ètò kan.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, sísún ètò ni mo kọ́kọ́ máa dán wò: kí n jẹ́ kí ìkéde kan lọ, kí n sún E1 síwájú, kí n dúró wo bóyá ìlà yẹn á tún lọ. Mo máa fi `getSpreadsheetTimeZone()` ka gbogbo déètì láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí aago kóòdù bá yàtọ̀ sí ti ṣíìtì, ọjọ́ lè fi ẹyọ kan dín. Mo sì ti ní kí kóòdù dákẹ́ bí E1 bá ṣófo. Ìgbà tí a ti fagi lé ọjọ́ kan tí a kò tíì mú òmíràn ni mo ń lò ó: mo pa E1 rẹ́, kò sì sí ẹni tó máa gba "Ọ̀la ni o!" lọ́wọ́ wa.