Bí mo ṣe túmọ̀ ìwé ilẹ̀ Kétu láì tún orúkọ ẹnikẹ́ni kọ

Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà ní Ìmẹ̀kọ sì fẹ́ kà á ní Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìpín ogún. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le. Orúkọ ló gba àkókò mi.

Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó ni ilẹ̀ ní Adéchina, ká sì pe ẹlẹ́rìí ní Odjo. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i á mọ̀ pé Adéṣínà àti Òjó ni: "ch" Faransé ni ṣ wa, "dj" sì ni j. Síbẹ̀, n kò tún wọn kọ. Káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n máa fi wé orúkọ inú ìwé; bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, akọ̀wé kóòtù lè ní ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìkọsílẹ̀ Faransé kò ní àmì ohùn wa. Ẹni tó rí "Ola" lásán kò lè mọ̀ bóyá Ọlá ni tàbí Ọ̀la. Mo bi àwọn ẹbí léèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo fi ìyẹn sínú àkámọ́ níbi tí orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. Níbi ìbuwọ́lùwé, n kò fi nǹkan kan kún un.

Ti oyè yàtọ̀. Ìwé náà dárúkọ "Roi de Kétou". Bí mo bá kọ "ọba Kétu", mo ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ti túmọ̀ kúrò nínú èdè wa tẹ́lẹ̀. Kábíyèsí Alákétu ni mo kọ.

"Maître" tó ṣáájú orúkọ nọ́tárì ló ṣòro jù. Ìwé atúmọ̀ èdè á sọ pé ọ̀gá tàbí olùkọ́ ni, bẹ́ẹ̀ oyè àwọn amòfin ni níbí. "Agbẹjọ́rò" pàápàá á ṣini lọ́nà, torí nọ́tárì kì í rojọ́ fún oníbàárà ní kóòtù. Ìjọba ló fún un láṣẹ láti kọ ìwé àdéhùn tí òfin gbà. Mo kọ "Nọ́tárì", mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Fún ilé iṣẹ́ ìjọba, ìtumọ̀ ló ṣáájú: "Àjọ tó ń mójú tó ilẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ (Agence Nationale du Domaine et du Foncier)", lẹ́yìn náà ANDF nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wádìí ilẹ̀ náà nílò orúkọ tó wà lára pátákó. "Tribunal de Première Instance" di ilé ẹjọ́ ìpele àkọ́kọ́. N kò pè é ní Kóòtù Gíga, torí àwọn ará Ìmẹ̀kọ á rò pé ti Nàìjíríà ló bá dọ́gba.

Nínú àlàyé, mo kọ Kétu. Nínú àdírẹ́sì, "Commune de Kétou" ni mo fi sílẹ̀, nítorí Kétu mìíràn wà ní Èkó.