Gáàpù inú ṣáàtì ṣíà: ṣé dandan ni kó dí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Tísà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Oríta Náírà. Ṣíà báǹkì kan parí ọjọ́ sí ₦48, nígbà tó di ọjọ́ kejì ₦44 ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní gáàpù, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn, kì í ṣàì dí, pé iye náà yóò padà sí ₦48, mo bá rà á ní ₦44. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rè é, láàárín ₦43 sí ₦45 ló ń rìn. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Tísà, ọjọ́ tí gáàpù náà ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mo fi ọjọ́ tó wà lórí àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ wé ìkéde báǹkì náà. Wọ́n fẹ́ san èrè ₦4 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára iye rẹ̀. Ẹ mú ₦4 kúrò nínú ₦48, ₦44 ló kù. Ẹnikẹ́ni ò sá, ìròyìn burúkú kankan ò sì jáde.

Ní NGX, ilé pàṣípààrọ̀ ìpín wa, bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn tí yóò gba èrè bá ti kọjá, wọ́n máa ń dín iye ṣíà náà kù ní iye èrè yẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ló ni ₦4; ẹni tó rà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní í gbà á, ìdí nìyẹn tó fi rà á ní owó tó dín. Ẹ wò ó bí ewúrẹ́ alóyún. Bó bá ti bímọ, tí olówó rẹ̀ sì ti kó ọmọ lọ sílé, kò sí ẹni tí yóò tún ra ìyá rẹ̀ ní iye oyún. Àlàfo tí ẹ rí, ọmọ ewúrẹ́ ni. Kò sí ohun tó ń fa iye náà padà sókè, àfi bí báǹkì náà bá tún ń pa owó sí i. Kí ₦44 tó padà di ₦48, ó ní láti fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìyẹn kì í ṣe dídí gáàpù mọ́, ìdàgbàsókè tuntun ni.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè fi dá a mọ̀ kí ẹ tó náwó. NGX máa ń to àwọn ṣíà tí wọ́n dín iye wọn báyìí sínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ wọn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà `Ex-Div` níbẹ̀. Ìkejì, bí ibi tí ẹ ti ń wo ṣáàtì bá ní `Adjust data for dividends`, ẹ tàn án. Bí gáàpù bá pòórá lójú ẹsẹ̀, èrè ló dá a sílẹ̀.

Bí báǹkì náà bá dára lójú yín, ẹ di ṣíà yín mú nítorí ìyẹn. Ẹ má dì í mú nítorí ₦48.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. LAUTECH ni mo wà. Ṣé irọ́ ni ọ̀rọ̀ pé gáàpù máa ń dí ni? Oríṣi rẹ̀ mélòó ló wà?

Ìdáhùn: Àbúrò, kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Gáàpù dí nígbà tí iye bá padà kọjá lórí gbogbo àlàfo náà, títí dé ibi tí iye ọjọ́ tó ṣáájú parí sí. Bó bá padà dé àárín péré, kò tíì dí. Ọ̀pọ̀ ló sì máa ń dí bó pẹ́ bó yá. “Bó pẹ́ bó yá” yẹn ló ń jẹ owó èèyàn.

Oríṣi mẹ́rin ni àwọn tó ń ka ṣáàtì máa ń yà sọ́tọ̀. Gáàpù lásán kéré, kò nídìí kan pàtó, àárín ibi tí iye ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀; òun ló máa ń dí ní kíákíá, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gáàpù ìjáde ni èyí tí iye fi fò jáde kúrò níbi tó há sí fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, tí ṣíà tí wọ́n rà tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ gan-an. Ìròyìn gidi ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Má ṣe retí pé yóò dí. Gáàpù ìsáré máa ń wáyé láàárín ìrìn tó ti ń lọ. Ti àárẹ̀ ló máa ń wá ní ìparí irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dí kíá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ìsáré àti àárẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ lo tó mọ èwo ni.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2022, dọ́là 323 ló parí sí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n kéde pé iye èèyàn tó ń lo Facebook lójoojúmọ́ dín kù, nǹkan bí dọ́là 245 ló sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gáàpù yẹn dí, ní ìparí oṣù keje ọdún 2023. Ṣùgbọ́n kí ó tó dí, ó ti kọ́kọ́ já wá sí ìsàlẹ̀ dọ́là 90 nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ẹni tó rà á ní 245 nítorí kó lè dí kò ṣì í, síbẹ̀ ó ti rí i kí owó rẹ̀ dín ju ìdajì lọ. Mélòó nínú wa ló lè fara da ìyẹn láìtà?

Ti Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, kò tilẹ̀ dí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó ti dọ́là 305 fò sí 385 lóru ọjọ́ kan, nítorí pé ilé iṣẹ́ náà ní òun ń retí owó tó tó bílíọ̀nù 11 dọ́là ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Kò tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà náà títí tí ọdún 2025 fi parí. Bí o bá fẹ́ wá a lórí ṣáàtì òde òní, rántí pé wọ́n pín ṣíà náà sí mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ọdún 2024, nítorí náà 30.5 lo máa rí, kì í ṣe 305.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ṣíà kan tí mo ní ti ₦20 bọ́ sí ₦18 láàárọ̀ àná. Àbúrò mi ní kí n rà sí i, pé ó ti fò tán. Ṣé kí n rà?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà. NGX kì í jẹ́ kí ṣíà kan fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sílẹ̀ lójúmọ́. Láti ₦20, ₦18 ni òpin ibi tó lè dé lána. Torí náà ìròyìn tó lè ti ṣíà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní Amẹ́ríkà, bí àtẹ̀gùn ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níhìn-ín: ₦18 lọ́jọ́ kìíní, ₦16.20 lọ́jọ́ kejì, bí ₦14.60 lọ́jọ́ kẹta. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ gbogbo rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí búrókà yín wo àwọn tó fẹ́ rà àti àwọn tó fẹ́ tà. Bí ẹni tó fẹ́ tà ní ₦18 bá tò rẹpẹtẹ, tí ẹnikẹ́ni ò sì dúró láti rà, iye náà kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ìgbà tí ríra àti títà bá tún ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ọjọ́, láìfara ti òpin yẹn, ni ẹ tó lè mọ iye tí ọjà gbà pé ó jẹ́.