Ohun tí mo kọ sára fíríìjì tòkunbọ̀ kan kí n tó tà á

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa" ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tún fíríìjì ṣe máa ń kọ, a ó wá fi iye owó sí i. Kí ni oníbàárà fẹ́ rí mú nínú ìyẹn? Fíríìjì onílẹ̀kùn méjì tí mo parí láìpẹ́ yìí ni màá fi ṣàlàyé bí èmi ṣe ń kọ tèmi.

Ìlà àkọ́kọ́ ni pé tòkunbọ̀ ni, mo sì ti tún un ṣe. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 láti dáàbò bo oníbàárà fẹ́ kí ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó hàn gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn, mo da ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kọ: 220–240 V, 50 Hz, gáàsì R600a, 52 g. Ẹ máa wo fótéèjì yẹn kí ẹ tó sanwó, torí àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 115 V, tí ẹ bá sì ki irú wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín tààrà, wọ́n á jó.

Nígbà tí fíríìjì yìí dé, kọ̀m̀prẹ́sọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Nínú fírísà, ibi tí gáàsì ti ń wọlé nìkan ló ń funfun, ìyókù kò dì. Gáàsì ti dín kù nìyẹn. Ẹlòmíràn á kàn fi gáàsì kún un, á tà á, bẹ́ẹ̀ gáàsì kì í ṣe epo mọ́tò tó ń jó tán: tó bá ti dín, ó ń jò níbì kan.

Wíwá ibi tí R600a ti ń jò ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀pá tí gáàsì ń gbà padà sínú kọ̀m̀prẹ́sọ̀ sábà máa ń fa atẹ́gùn sínú ni, kì í fẹ́ ẹ síta. Ẹ fi ọṣẹ pa á títí, kò ní hó, ṣe ló ń fa ọ̀rinrin wọlé. Mo kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà, mo tú gáàsì tó kù sí ìta gbangba níbi tí iná kò sí, torí gáàsì yìí ń gbiná. Mo wá fẹ́ nitirójìn sí i. Nígbà náà ni ọṣẹ hó níbi tí wọ́n ti jó ọ̀pá pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà. Mo gé ibẹ̀, mo fi fílítà tuntun sí i, mo fi pọ́ǹpù fa gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, mo sì fi ìwọ̀n wọn 52 g gáàsì sí i. Gáàsì tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń fojú gééjì díwọ̀n rẹ̀ ń tanra rẹ̀ ni.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ náà ti le. Mo há bébà mọ́ ọn, mo fà á, ní igun kan ó yọ wọ̀ọ̀. Mo pààrọ̀ rọ́bà náà.

Kí n tó kọ pé ó tutù, mo gbé ife omi sí àárín pẹpẹ, mo sì ti tẹmómítà bọ inú omi náà, torí atẹ́gùn inú fíríìjì máa ń yí padà ní kété tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn. Àkọsílẹ̀ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lọ báyìí:

"Tòkunbọ̀ tí a tún ṣe. A dí ibi tí gáàsì ti ń jò, a pààrọ̀ fílítà àti rọ́bà ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Kọ̀m̀prẹ́sọ̀ tó bá a wá ló ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní 31 °C, omi ìsàlẹ̀ wà ní 4 °C, fírísà wà ní −18 °C. Ó ń fa 0.6 A, ó sì ń sinmi. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tẹ̀, dúrọ́ọ̀ kan sán."

Mo kọ 31 °C sí i torí pé fíríìjì tó tutù nínú yàrá tó ní ẹ́síì kò tíì fi nǹkan kan hàn. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ tàbí dúrọ́ọ̀ tó sán, ẹ jẹ́ kí oníbàárà kà á kó tó rí i.

Wárántì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, nítorí náà mi ò fi í sẹ́nu. Oṣù mẹ́ta ni, láti ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì, yálà iná NEPA wà tàbí kò sí. Mi ò lè máa ka ọjọ́ tí iná ò sí fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀m̀prẹ́sọ̀ wà nínú wárántì náà, gáàsì àti gbogbo ibi tí mo jó náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, iṣẹ́ àti ohun èlò wà lọ́rùn mi, owó ọkọ̀ la ó pín sí méjì. Gílóòbù àti dúrọ́ọ̀ kò sí níbẹ̀. Wárántì parí bí oníṣẹ́ mìíràn bá tú u, bí wọ́n bá ń lò ó láìsí sítébíláísà, tàbí bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín kúrò nínú fírísà. Ọ̀bẹ yẹn ló ń pa fíríìjì jù ní àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ fírísà tí ọ̀bẹ lu kì í fara pamọ́: ojú ihò náà á máa tàn yinrin.

Ìlà tó kẹ́yìn wà fún ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e délé: bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kó wà ní ìdúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tan án, kí òróró lè padà sínú kọ̀m̀prẹ́sọ̀.