Bí àwa mẹ́fà ṣe ṣe síláìdì kan láì ba iṣẹ́ ara wa jẹ́

Ọ̀gá wa ní kí n kó ìròyìn àwọn kànga ẹlẹ́rọ tí àjọ wa gbẹ́ sí àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìbàdàn jọ, kó di síláìdì tí a máa fi han àwọn tó ń fún wa lówó. Àwa mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ kàn. Google Slides la lò, kí gbogbo wa lè wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fi ẹ̀dà tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù.

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, mo kọ́kọ́ pín síláìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín. Inú speaker notes tó wà nísàlẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí: ẹni tó ni ín, ibi tí iye inú rẹ̀ ti wá, àti ibi tí iṣẹ́ dé. Àwọn tó bá ń wòran kò ní rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan síláìdì náà á rí i. Òfin wa ni pé ẹni tó ni síláìdì nìkan ló ń tún un ṣe, kọ́mẹ́ǹtì ni àwọn yòókù ń kọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Google Docs ní Suggesting, níbi tí àtúnṣe ti ń dúró de àṣẹ, ṣùgbọ́n Slides kò ní in. Ohun tí o bá tẹ̀ sórí síláìdì ẹlòmíì ti wọlé nìyẹn, ẹni tó ni ín sì lè má mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń mójú tó owó kọ́kọ́ kọminú: "Ṣé tí mo bá rí àmì ohùn tó ṣìnà, n óò tún máa kọ̀wé béèrè ni?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni lè tún àṣìkọ ṣe, ṣùgbọ́n iye, orúkọ abúlé àti àwòrán kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn fún àlejò.

Kọ́mẹ́ǹtì ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́. Ẹ yan iye tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, kì í ṣe gbogbo síláìdì, kí ẹ tó tẹ Ctrl+Alt+M. Ẹ fi @ àti ímeèlì ẹni náà sí i, kí ẹ sì fi àmì sí Assign, kó lè di iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ tún èyí wò" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa kọ ló dára: "Ẹ̀gbọ́n, a kọ kànga 14 síbí, ṣùgbọ́n 13 ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká kọ '14 la gbẹ́, 13 ló ń fa omi'?" Ẹni tó ni síláìdì á fèsì, á sì ṣe é, àmọ́ ẹni tó béèrè ló ń pa kọ́mẹ́ǹtì náà dé lẹ́yìn tó bá ti wò ó. Bí ẹni tó ṣe é bá fúnra rẹ̀ pa á dé, kò sí ojú kejì tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ọ̀gá tó wọlé wá ka iṣẹ́ náà, mo lọ sí File, Version history, Name current version, mo pe ẹ̀dà ọjọ́ náà ní "Kí ọ̀gá tó rí i". Ó wúlò fún wa nígbà tí ìlà méjì dédé pòórá nínú tábìlì owó. Ẹnì kan ló ń wá àyè fún àwòrán. Àwọn kan ti ń pariwo pé ká tẹ Restore this version. Mo ní rárá o. Gbogbo síláìdì lèyí máa dá padà, iṣẹ́ tí àwọn yòókù ti ṣe láti ìgbà náà á sì kúrò lójú fáìlì. Lára ẹ̀dà tí mo ti sọ lórúkọ, mo tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, mo yan Make a copy, mo sì pe ẹ̀dà náà ní "MÁ ṢIṢẸ́ NÍBÍ". Tábìlì nìkan ni mo dà kọ láti ibẹ̀ wá sínú fáìlì wa. N kò gbé odindi síláìdì wá, torí ara síláìdì tó wà nílẹ̀ ni àwọn kọ́mẹ́ǹtì so mọ́, líǹkì tí a ti pín sì ń tọ́ka sí i. Lẹ́yìn náà ni mo ju ẹ̀dà yẹn nù, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀.

Theme builder nìkan ni a fi sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ayàwòrán wa, torí ohun tó bá yí padà níbẹ̀ lè hàn lórí gbogbo síláìdì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìpàdé, mo lọ sí Share, mo sọ gbogbo èèyàn di Commenter àfi èmi àti ayàwòrán. Mo sì gba fáìlì náà sílẹ̀ ní PDF pẹ̀lú, torí bí ẹ bá ṣí PPTX lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yín, ìlà ọ̀rọ̀ lè yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.