Ráútà ń sáré ní ìdájí, ó ń wọ́ lálẹ́

Dátà mi ò tíì tán, àmọ́ ráútà ń wọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ẹ kọ́kọ́ wo iye dátà tó kù. Ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn kí ẹ tó wọn eré rẹ̀, kí ẹ má baà di ẹ̀ṣẹ̀ Wáífáì ru máàsì.

Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́dẹ́ nílé wa ní Ìtamágà, Ìkòròdú. Síbẹ̀ tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, fídíò kì í ṣí. Mo ti pa ráútà, mo ti tún un tàn, ó ti sú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pa á. Pípa ráútà kì í lé èrò kúrò lórí máàsì. Àmì yẹn ń sọ bí máàsì ṣe ń dún sí yín tó ni, kì í sọ iye èèyàn tí ẹ jọ ń pín in. Dánfó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà yín kí gbogbo ìjókòó rẹ̀ ti kún.

Ẹ ṣí ojúewé ráútà, `192.168.8.1` tàbí `192.168.0.1` lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ kọ RSRP, ìyẹn bí àmì máàsì ṣe lágbára tó, SINR, ìyẹn bí àmì náà ṣe mọ́ tó láàárín ariwo, àti Band, ìyẹn ọ̀nà tí ráútà ń gbà bá máàsì sọ̀rọ̀, sílẹ̀ pẹ̀lú eré, ní aago márùn-ún ìdájí àti aago mẹ́sàn-án alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí RSRP bá dúró sójú kan tí SINR àti eré ń já lálẹ́, èrò ni. Bí RSRP fúnra rẹ̀ bá ń já, ibi tí ẹ gbé ráútà sí ni kí ẹ wò.

Ká sọ pé ìdájí fún yín ní Band 20, RSRP -80, SINR 18, eré 24 Mbps. Lálẹ́, RSRP ṣì jẹ́ -80, SINR ti di 4, eré di 1.5 Mbps. Band 20, ìyẹn 800 MHz, máa ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ ògiri, nítorí náà gbogbo ilé tó jìnnà ló ń rọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ sì há. Ráútà yín tẹ̀ mọ́ ọn torí pé òun ló ń dún sókè jù. Band 7, 2600 MHz, sábà máa ń fẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ògiri a máa gbé e mì.

Nítorí náà, ẹ gbé ráútà sójú fèrèsé tó kọjú sí máàsì, kí ẹ wá yan Band 7 nìkan bí ráútà yín bá gbà á. RSRP lè já sí -98, kí àmì ku méjì. Ibí yìí làwọn èèyàn ti ń sá padà! Bí SINR bá wà ní 12 lálẹ́, eré lè tó ìlọ́po mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀.

RSRP mi ní Band 7 jẹ́ -115. Ṣé kí n ra áńtẹ́nà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ráútà bá ní ihò méjì fún un. Wáyà méjèèjì ni kí ẹ fi sí i, kó má gùn, torí wáyà gígùn ń jẹ ohun tí áńtẹ́nà kó wá. Ẹ pe ẹni tó mọ òpó rì fún orí òrùlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, kí ẹ dán an wò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán.