Bí mo ṣe tú ìwé lọ́yà tí wọ́n kọ sí àǹtí mi palẹ̀

Ọjọ́ Jimọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ 2025, ni wọ́n mú ìwé kan wá fún àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jà Odò-Ògbè, ní Ilé-Ifẹ̀: lọ́yà àwọn tí wọ́n ti ń ra ọjà ló kọ ọ́, ó ń bèèrè gbèsè. Kúlà, abọ́ oníke àti ìkòkò ni àǹtí mi ń tà. Ọmọkùnrin tó mú ìwé náà wá ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ó ti dé ọwọ́ wọn, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sì ń pariwo pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bírò. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ òní àti aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Ẹni tó fọwọ́ sí i pé ìwé dé ọ̀dọ̀ òun kò tíì sọ pé òun jẹ gbèsè. Ọjọ́ tí wọ́n kọ yẹn gan-an ni mo nílò.

Mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Lágéèrè, èmi ni mo máa ń to fáìlì, tí mo sì máa ń ka ọjọ́ fún ọ̀gá mi. Ìwé tó ń bèèrè owó báyìí pọ̀ lọ́wọ́ wa, yálà àwa la kọ ọ́ ni o, tàbí wọ́n kọ ọ́ sí ẹni tó gbé ẹjọ́ wá bá wa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ibi tí ìwé náà ti wá. Orúkọ lọ́yà ló wà lókè rẹ̀. Kò ní nọ́ńbà ẹjọ́, kò sí òǹtẹ̀ kóòtù lára rẹ̀, rẹ́jísírà kò fọwọ́ sí i, wọn ò sì dá ọjọ́ tí àǹtí mi máa yọjú síwájú adájọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé ìpẹ̀jọ́. Ọjọ́ méje tí wọ́n ní kí wọ́n fi san owó, lọ́yà ló dá a fúnra rẹ̀. Tó bá kọjá, àǹtí mi kò tíì jẹ̀bi ohunkóhun, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń bèèrè owó lè wá gba kóòtù lọ ni. Ti kóòtù ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jíṣẹ́ fún èèyàn, tí kò fèsì láàárín iye ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, tí kò sì yọjú, adájọ́ lè dájọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Sísá fún béélífù kò sì lè dá a dúró, nítorí kóòtù lè pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kó sì dà bí ẹni pé wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́.

Síbẹ̀, mo ka ọjọ́ méje náà. Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ, ni wọ́n kọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ wọ́n ní "láàárín ọjọ́ méje tí ẹ bá gba ìwé yìí." Bí a bá kà á láti ọjọ́ orí ìwé, 11 ló máa parí. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn, 15 ni. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ nínú òfin ni pé a kì í ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn, torí náà Sátidé, ọjọ́ 9, ni ọjọ́ kìíní. Bó bá jẹ́ pé Sunday tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni ọjọ́ ìkẹyìn bọ́ sí, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni yóò parí. Sátidé kò sí lára àwọn ọjọ́ ìsinmi yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Ọjọ́ Jimọ̀, 15, ni mo kọ sórí kàlẹ́ńdà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àǹtí mi kọ ọjọ́ síbẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin ló fi lé sí ọwọ́ wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kọjú sí owó. ₦1,880,000 ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gbàgàdà. Nọ́ńbà yẹn ló dẹ́rù ba àǹtí mi jù. Mo mú ìwé pẹlẹbẹ kan, mo sì tú owó náà ká. Ọjà ọdún 2017, ₦240,000. Ọjà Oṣù Kejì àti Oṣù Karùn-ún 2023, ₦780,000. Èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, fún oṣù mẹ́wàá, ₦510,000. Owó lọ́yà, ₦200,000. Owó ìnira, ₦150,000. Bí mo ṣe tò ó báyìí, ó hàn kedere pé ₦860,000 nínú rẹ̀, ìyẹn mẹ́ta tó kẹ́yìn, kì í ṣe owó ọjà rárá.

Mo béèrè ìwé ọjà lọ́wọ́ àǹtí mi. Inú àpótí bisikíìtì ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé ti 2023 méjèèjì. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Kò sí ọ̀rọ̀ èlé níbẹ̀, kò sì sí nínú Wọ́sáàpù tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Èlé orí gbèsè tí kò tíì dé kóòtù kì í wá láti inú òfuurufú: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ jọ fẹnu kò sí i, tàbí pé àṣà irú òwò yẹn ni, tàbí pé òfin kan ló fún ẹni náà. Kóòtù tó ga jù lọ sọ èyí nínú ẹjọ́ Ekwunife àti Wayne ní 1989. Ní ti owó lọ́yà, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Guinness àti Nwoke ní 2000 pé kò tọ́ kí ènìyàn di owó tí òun san fún lọ́yà tirẹ̀ ru ẹlòmíràn. Àwọn ìdájọ́ kan wà tó gbà á lọ́nà mìíràn, nítorí náà mi ò kọ ọ́ pé "kò sí owó yìí rárá," mo kọ ọ́ pé "a kò gbà, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn."

Ọjà 2017 ló gba àkókò mi jù. Àǹtí mi ní àwọn ti dá èyí tó kù nínú rẹ̀ padà fún wọn ní Iléṣà, nítòsí ọjà Àtakúmọ́sà, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí wọ́n fi gbà á. Àárín wọn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ṣùgbọ́n gbèsè ọjà lásán, ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́, ìyẹn láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san án. Oṣù Kẹta 2017 ló wà lórí ìwé náà, torí náà ó ti pé ọdún mẹ́fà láti Oṣù Kẹta 2023.

Ìdẹkùn ibẹ̀ wà nínú èsì ẹni. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá kọ̀wé, tó sì fọwọ́ sí i pé òun jẹ ẹ́, ọjọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bó bá san díẹ̀ nínú rẹ̀, bákan náà ni. Àǹtí mi ti ní àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà, "Ẹ dákun, a máa san gbogbo owó yín díẹ̀ díẹ̀." Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n "gbogbo" yẹn ì bá ti jí 2017 dìde. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ nǹkan kan, ẹ má sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kọ́ mi ní ìwà jàǹdùkú." Kì í ṣe ìwà jàǹdùkú.

Ó tún di ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ti san, èyí tí ìwé lọ́yà kò mẹ́nu kàn rárá. A lọ gba ìwé àkáǹtì ní báńkì. Tìránsífà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ₦150,000 ní Oṣù Kẹjọ 2023, ₦100,000 ní Oṣù Kejìlá, àti ₦80,000 ní Oṣù Kẹrin 2024. Lára méjì àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n tẹ̀ ni `bal feb goods`. Ẹ̀kẹta kò ní àlàyé kankan. Ẹni tó ń san owó ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ gbèsè tó fẹ́ kó kàn. Bí kò bá sọ, ẹni tó ń gbà á lè fi kan èyí tó wù ú, títí kan gbèsè tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Nítorí náà ₦250,000 dúró gbọn-in lórí ọjà 2023, ₦80,000 sì lè di ọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ ₦60,000 tún wà tí àǹtí mi fún ọmọ iṣẹ́ àwọn tó ń bèèrè owó láìgba rìsíìtì. Mo kọ ìyẹn sọ́tọ̀, mi ò yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè náà, nítorí pé ohun tí a lè fi ẹ̀rí hàn nìkan ni mo fẹ́ gbé lélẹ̀. ₦780,000, yọ ₦330,000 kúrò, ó ku ₦450,000.

Nínú ìpínrọ̀ ìkẹyìn ìwé náà, wọ́n ní bí wọn kò bá san án, àwọn ọlọ́pàá yóò dá sí i. Mo ka Òfin Ọlọ́pàá 2020, apá 32, fún àǹtí mi: wọn kì í mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bà jẹ́ lásán. Ohun tó lè yí èyí padà ni bí wọ́n bá fẹ̀sùn jìbìtì kàn án, tàbí bí ó bá fún wọn ní ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì dá padà. Àǹtí mi kò fún ẹnikẹ́ni ní ṣẹ́ẹ̀kì. A kàn rékọjá ìpínrọ̀ náà.

Èsì tó ṣeé fún wọn kò ju mẹ́rin lọ: ká dákẹ́, ká sẹ́ gbogbo rẹ̀, ká san gbogbo rẹ̀, tàbí ká gba apá kan ká sì jiyàn apá kejì. Ẹni tó dákẹ́ lórí ìwé òwò lè rí i pé wọ́n máa fi ìdákẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí i pé ó gbà. Èyí tó kẹ́yìn la yàn, lẹ́tà méjì la sì fi ṣe é. Ọ̀gá mi kà á kó tó jáde.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tọ́ka sí ìwé wọn àti ọjọ́ rẹ̀, ó sọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn, ó gbà pé àǹtí mi jẹ ₦450,000 lórí ọjà 2023 pẹ̀lú ìwé báńkì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ìwé tí àǹtí mi fọwọ́ sí lórí 2017 hàn, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti fẹnu kò sí èlé. Ó kọ̀ owó lọ́yà àti owó ìnira. Gbólóhùn tí mo fi 2017 sí kúrú: "A kò gbà pé a jẹ owó kankan lórí ìwé ọjà yìí." Mi ò ṣàlàyé ọjà tí wọ́n dá padà, nítorí pé àlàyé pípọ̀ máa ń bí ìjẹ́wọ́.

Lẹ́tà kejì ni ti ìdúnàádúrà, ó sì ní àkọlé tí àwọn lọ́yà máa ń kọ sókè irú rẹ̀, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé gbé síwájú adájọ́ láti fi mú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló sọ pé ₦150,000 máa wọlé lójú ẹsẹ̀, ìyókù ní ₦50,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà. A fi méjèèjì jíṣẹ́ ní Ọjọ́rú, 13, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà tiwa.

Lọ́yà wọn pè, ó ní àwọn oníbàárà òun gbà sí ₦450,000, àmọ́ wọ́n fẹ́ kó parí ní oṣù mẹ́rin. A jọ fi í sí oṣù márùn-ún, ₦60,000 lóṣù lẹ́yìn ₦150,000 àkọ́kọ́. Kí àǹtí mi tó fọwọ́ sí àdéhùn náà, mo ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: owó yìí ni òpin gbogbo ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì títí di ọjọ́ àdéhùn, títí kan ìwé ọjà 2017 àti èlé. Lọ́yà wọn kùn díẹ̀ lórí "títí kan" yẹn, ṣùgbọ́n ó fi sílẹ̀. Lórí gbogbo tìránsífà láti ìgbà náà, `settlement 2023 goods` ni àǹtí mi ń tẹ̀, ọmọ wọn obìnrin sì ń ya àwòrán ojú fóònù náà kó tó pa á.